Ẹ bá mi wo ìpínrọ̀ ìṣòro yìí kí n tó fi ránṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ kékeré ni tiwa, nítòsí Ìsẹ́yìn, a sì ń kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ láti gbẹ́ kànga fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n dá ìwé wa padà. Ohun tí ẹni tó kà á kọ sí etí rẹ̀ ni pé: "Mo ti mọ̀ yín. Ta ni ìyà ń jẹ?"

Kò parọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé: "Láti ọdún 2015, ẹgbẹ́ wa ti gbẹ́ kànga mẹ́fà." Mo ti gbé ìyẹn lọ sí apá ibi tí a ti ń sọ ohun tí agbára wa ká. Ìbẹ̀rẹ̀ tuntun rèé:

"Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, odò abúlé a gbẹ. Nínú ọmọ 41 tó wà ní kíláàsì karùn-ún, 17 ni kò tíì dé ní agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé tí a ka ìwé ìpè orúkọ. 13 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Omi ni wọ́n lọ pọn."

Mo tún yọ "ìṣòro wọn ni pé wọn ò ní kànga" kúrò, torí ohun tí a fẹ́ ṣe nìyẹn, kì í ṣe ìyà tó ń jẹ wọ́n.

Ibi tó ti há mi rèé: àwa fúnra wa la ka ìwé ìpè náà. Ṣé kí n dárúkọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, àbí kí n kàn sọ pé ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló wí bẹ́ẹ̀? Ṣé ọjọ́ kan péré tó ẹ̀rí, àbí kí n padà lọ ka ti sáà kan gbáko? Alága wa, àgbà ni wọ́n, ṣì ní kí kànga mẹ́fà wà lókè. Báwo ni ẹ ṣe máa ń bá irú wọn sọ ọ́?