Ìràwọ̀ kan, irọ́ méjì, èébú kan, òótọ́ kan: báwo lẹ ṣe fèsì tiyín?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Oníbàárà kan kọ rífíù nípa ṣọ́ọ̀bù mi sórí Google, ìràwọ̀ kan péré ló fún wa. Ohun tó kọ rèé:

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kọ̀ǹpútà mi fi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fọ́ ojú rẹ̀. Mo pè títí, wọn ò gbé fóònù. Olè ni wọ́n, ẹ má débẹ̀."

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo rí i. Ara mi gbóná. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ èsì gígùn kan: mo pè é ní òpùrọ́, mo ní òun fúnra rẹ̀ ló jókòó lé kọ̀ǹpútà náà, ó sì kù díẹ̀ kí n kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún síbẹ̀ kí ayé lè mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ilẹ̀ á mọ́, rífíù náà ò ní sá lọ."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé ìwé tí a fi ń gba iṣẹ́ síwájú, mo wá ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ọjọ́ 4 oṣù ló gbé e wá, ọjọ́ 15 ló gbé e lọ. Ọjọ́ 11 nìyẹn. Ojú kọ̀ǹpútà: a máa ń ya fọ́tò kọ̀ǹpútà kí a tó gbà á, ìlà tó sán náà hàn kedere nínú fọ́tò ọjọ́ 4, ó sì fọwọ́ sí ìwé tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Olè: èébú nìyẹn, kò sọ ohun tí a jí, kò sóhun tí mo lè yẹ̀ wò níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Ti fóònù ló ká mi lára jù, nítorí òótọ́ ni. Fóònù ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì, nígbà tí a sì rí i pé ó ti pè wá, a ò pè é padà. Bí mo bá fèsì pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, èmi náà ti di òpùrọ́.

Ohun tí mo kọ nígbẹ̀yìn rèé:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a rí ohun tí ẹ kọ. Lóòótọ́ lẹ pè wá lọ́jọ́ 9 àti ọjọ́ 10, fóònù wa ò ṣiṣẹ́, a ò sì pè yín padà. Àṣìṣe tiwa ni, ẹ má bínú. Ní ti àkókò, ìwé wa fi hàn pé ọjọ́ 4 la gba kọ̀ǹpútà náà, ọjọ́ 15 lẹ sì gbà á padà. Bátìrì tuntun la ń dúró dè. Ní ti ojú rẹ̀, ìlà tó sán náà wà nínú fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá. A ti tọ́jú ẹ̀dà fọ́tò náà fún yín. Ẹ bi mí ní tààrà nígbà tí ẹ bá débí tàbí tí ẹ bá pè. Èmi, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù."

Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ láàárọ̀ yẹn, "ẹ má bínú, ṣùgbọ́n..." ló wà níbẹ̀. Mo yọ "ṣùgbọ́n" kúrò. Ẹ kà á méjèèjì síta, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, arákùnrin náà tún rífíù rẹ̀ kọ. Ó yọ "olè" kúrò, ó yí "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta" sí "ó pẹ́ jù", ó sì sọ ọ́ di ìràwọ̀ méjì. Ti ojú kọ̀ǹpútà, kò yí i padà. Ìbéèrè mi wá nìyí: èsì mi ṣì ń dáhùn ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé kí n tún un kọ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ẹ fi wàhálà bá ara yín ni. Kí lẹ ń fèsì sí? Ẹ tẹ Report review, ẹ sọ fún Google pé irọ́ ni, wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n yọ tèmi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, n ò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo síbẹ̀.

Onílé-àlejò

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ tiyín?

Ìyá Ìbejì

Ọmọbìnrin tó bá mi ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, tí mo dá dúró. Èébú ló kún inú rẹ̀.

Onílé-àlejò

Ẹ ò rí i. Kì í ṣe torí pé irọ́ ni ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Òfin wọn ò fàyè gba kí ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́ máa kọ rífíù nípa yín, kò sì fàyè gba ìsọkúsọ. Bí oníbàárà gidi bá ní ẹ fọ́ kọ̀ǹpútà òun, tí ẹ̀yin ní ẹ ò fọ́ ọ, Google kì í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sí níbẹ̀. Ẹ lè fẹjọ́ sùn o, kò burú bí ohun tó kọ bá ta ko òfin wọn, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn rọ́pò èsì. Títí wọ́n á fi dáhùn, gbogbo ẹni tó bá ń wá yín ló ń ka rífíù náà láìsí ohùn yín níbẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ẹ wá ń fi ẹjọ́ ẹnìkan nìkan sílẹ̀ fún wọn láti dá.

Ọ̀gá Atúnkọ̀ǹpútàṣe, èsì yín dáa. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé òótọ́ ló ṣáájú. Ẹni tó bá kà pé ẹ gba ẹ̀bi fóònù á fara balẹ̀ gbọ́ ti fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi ti kọsẹ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé ìdun jẹ òun mọ́jú nílé àlejò wa. Mo tú ìwé wò, n ò rí orúkọ rẹ̀. Mo bá fèsì pé, "Ẹ ò sùn níbí rí, irọ́ lẹ ń pa." Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gba yàrá? Ó gbé ìwé owó tó san síta. Ọ̀rọ̀ ìdun náà kì í tiẹ̀ ṣe bó ṣe sọ ọ́: ìdun kan ṣoṣo ló rí lára bẹ́ẹ̀dì, àwọn òṣìṣẹ́ wa gbé e lọ sí yàrá mìíràn lóru ọjọ́ náà, a sì fín yàrá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ní àlàyé tó dáa lọ́wọ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bà á jẹ́.

Látìgbà yẹn, bí n ò bá rí orúkọ, ohun tí mo ń kọ ni pé, "A wá orúkọ yìí nínú ìwé wa fún oṣù náà, a ò rí i. Bóyá orúkọ ẹlòmíràn lẹ fi gba yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ dé fún wa." Ẹni tó bá ń parọ́ kì í padà wá dáhùn. Ẹni tó bá wá lóòótọ́ á sọ ọjọ́. Ẹni tó ń kà á yóò fúnra rẹ̀ rí ìyàtọ̀.

Ayàwòrán

Tèmi le ju tiyín lọ. Oníbàárà ò san owó tó kù, ó wá kọ rífíù burúkú lé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba owó mi?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Àbúrò, ti owó yẹn yàtọ̀ o. Kí lẹ kọ sí rífíù náà?

Ayàwòrán

N ò kọ nǹkankan síta. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀ pé bó bá yọ rífíù náà, kó gbàgbé owó tó kù. Ó ya fọ́tò ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ rífíù. Ó wá dà bíi pé mo fẹ́ fi owó di í lẹ́nu.

Onílé-àlejò

Họ̀wù! Google fúnra wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi owó tàbí ẹ̀dínwó pààrọ̀ yíyọ rífíù. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní àtúnṣe, ẹ ṣe é láìso ó mọ́ rífíù. Bó bá tún un kọ lẹ́yìn náà, ó dáa. Bí kò bá tún un kọ, ẹ ti ṣe tiyín.

Tábìlì Iwájú

Mo ń ṣiṣẹ́ ní tábìlì iwájú ilé ìtọ́jú eyín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 15 yìí, ẹ ń mú mi jowú. Àwa ò lè kọ ọ́. Bí mo bá kọ pé "ọjọ́ báyìí lẹ wá", mo ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé aláìsàn wa ni ẹni náà. Kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ ọ́ síta, ìyẹn ò fún wa ní àyè láti fi tiwa kún un. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, ilé ìtọ́jú eyín kan san $10,000 fún ìjọba nítorí pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn nínú èsì tí wọ́n kọ sí rífíù lórí Yelp.

Ẹnìkan kọ ọ́ nípa wa pé a yọ eyín tí òun ò ní ká yọ. Ìwé tó fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ wa! Mo ń wò ó báyìí, n ò lè fi hàn ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kọ ni pé: "A kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ní gbangba, bóyá ó gba ìtọ́jú níbí tàbí kò gbà á. Ohun tí a lè sọ ni bí a ṣe ń ṣiṣẹ́: a kì í yọ eyín láìjẹ́ pé dókítà ti ṣàlàyé, tí ẹni tó ni eyín sì ti fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìwé tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kó béèrè lọ́wọ́ olùdarí." Ẹnikẹ́ni ò lè fi èyí mú wa. Àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú, torí ó dà bíi pé a ń sá fún ìbéèrè.

Ìyá Ìbejì

Kò dà bẹ́ẹ̀ lójú tèmi o. Mo kà á, mo sì gbà pé ẹ ní ìwé lọ́wọ́.

Ọ̀gá Atúnkọ̀ǹpútàṣe, bó ti yọ "olè" kúrò yẹn, ẹ yáa yọ gbogbo èsì yín. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Onílé-àlejò

Kò tíì parí, ti ojú kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé rífíù ti yí padà.

Tábìlì Iwájú

Báwo ló ṣe máa mọ̀? Ohun tó máa rí ni pé oníbàárà ní "ó pẹ́ jù", tí ṣọ́ọ̀bù wá ń ka ọjọ́ fún un bí adájọ́. Èmi á tún un kọ.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Mo gbọ́ tẹ̀yin méjèèjì. Lálẹ́ àná mo tún un kọ, ó di gbólóhùn mẹ́ta: àforíjì ti fóònù, fọ́tò ọjọ́ 4, àti pé a rí àtúnṣe tó ṣe sí rífíù rẹ̀, a sì dúpẹ́. Mo yọ kíka ọjọ́ kúrò. N ò tíì mọ̀ bóyá mo ṣe é re. Òun náà ò tíì wá wo fọ́tò.

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tí n ò rí rí wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábíyá. Kó tó gbé e sílẹ̀ ló ní, "Ẹ kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò."