Sítíráídù 6 dọ́là: ibo ni kí n fi sítíráìkì sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọ́pṣọ̀n. Òṣogbo ni mo wà. Ṣíà kan wà ní 100 dọ́là. Kọ́ọ̀lù 100 jẹ́ 3.10, púùtù 100 jẹ́ 2.90. Àpapọ̀ wọn, 6 dọ́là, ni mo kà sí ibi tí ọjà lè rìn dé, mo bá ta kọ́ọ̀lù 106 àti púùtù 94. Mo gbà pé ìdá 68 nínú 100 ni yóò parí sáàárín. Ṣùgbọ́n nínú ogún irú rẹ̀ tí mo kọ sínú ìwé mi, mẹ́jọ ló parí síta. Mo gbìyànjú 0.85 ìlọ́po 6, 5.10 ló fún mi, ìyẹn tún sún mi mọ́ iná. Ṣé 1.25 ìlọ́po ló yẹ kí n lò, kí n lọ sí 107.5 àti 92.5, àbí owó tí màá gbà níbẹ̀ ti kéré jù fún ewu rẹ̀?