Ìpín tó padà lẹ́ẹ̀mejì: àwa tó ń ya máàpù Àkúrẹ́ láti òkè òkun

Ọmọ Ìjọkà (Manchester): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n tún ti dá ìpín tí mo yà lọ́nà Ìjọkà padà nínú Tasking Manager, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ máàpù OpenStreetMap fún wa. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé, ó tún ti di `More mapping needed`. Ilé 62 ló wà níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, olùyẹ̀wò ní igun àwọn ilé wọ́. Mo pa gbogbo wọn rẹ́, mo tún wọn yà, mo tẹ `Q` sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí igun wọn lè gún. Ní báyìí wọ́n ní àwọn ilé ò jókòó sáyè wọn mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bùrọ̀dá Kọ́lá (Houston): Àwòrán sátẹ́láìtì tó ti pẹ́ lò ń lò. Mú èyí tó tuntun jù, kí o sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì tún gbogbo rẹ̀ yà. Ó tán.

Àǹtí Dúpẹ́ (Leeds): Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún un yà o, Bùrọ̀dá. Òótọ́ ni pé kó sún mọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tuntun kọ́ ló ń jókòó dáadáa. Ọmọ Ìjọkà, àwòrán wo lo fi yà á lákọ̀ọ́kọ́? Èwo lo fi tún un yà?

Ọmọ Ìjọkà: Bing ni mo kọ́kọ́ lò, mà. Nígbà kejì, Esri ni, torí ó mọ́lẹ̀ jù.

Àǹtí Dúpẹ́: Ibẹ̀ gan-an ni. Àwòrán sátẹ́láìtì méjì kì í sábà jókòó sójú kan náà. Ọ̀kan lè fi mítà mélòó kan yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, pàápàá níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tiwa. Ọ̀nà tó gba inú ìpín rẹ kọjá, Bing ni wọ́n fi yà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé tó wà ní ìpín tó yí ọ ká. Tìrẹ nìkan ló wà lórí Esri. Bí olùyẹ̀wò bá ti ṣí i lórí Bing, ilé 62 náà á yẹ̀ sí apá kan náà, bí ẹni pé ẹnì kan wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí ilé kan bá yẹ̀ síhìn-ín, tí òmíràn yẹ̀ sọ́hùn-ún, ọwọ́ ayàwòrán ni. Bí gbogbo wọn bá yẹ̀ sápá kan, ẹ̀bi àwòrán ni.

Má pa ilé kankan rẹ́ mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ìtàn àtúnṣe tirẹ̀, tó o bá pa á rẹ́, ìtàn náà já, olùyẹ̀wò ò sì ní lè fi tòní wé tàná. Sísún ni kó o sún wọn. Nínú iD tá a fi ń ya máàpù, tẹ `B`, mú àwòrán tí ìtọ́ni iṣẹ́ náà dárúkọ. Wo ọ̀nà tó ti wà níbẹ̀: ṣé ó jókòó lórí ọ̀nà inú àwòrán? Bí kò bá jókòó, lọ sí `Imagery Offset` nísàlẹ̀, fa àwòrán náà títí ọ̀nà méjèèjì á fi bára mu. Lẹ́yìn náà, di `Shift` mú, fi máòsì yí ilé bíi mẹ́wàá ká, tẹ `M`, gbé wọn lọ sáyè wọn, tẹ máòsì kí wọ́n dúró. Má kó gbogbo 62 lẹ́ẹ̀kan, torí bí ohun tó o mú ò bá hàn tó lójú kọ̀ǹpútà, iD ò ní gbà kó o sún un. Kí o sì rí i pé ọ̀nà ò sí nínú ohun tó o mú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà á bá wọn lọ, á sì gba ibi tí kò yẹ kó gbà.

Bàbá Ìdànrè (Dublin): Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun. Ìwé sọ̀fée ilẹ̀ mi ní Ọba-Ilé náà ni wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mejì ní ọ́fíìsì. Ṣé `Q` yìí lè bá mi tún un ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Olùyẹ̀wò (Toronto): Ẹ má bínú, Bàbá, ìyẹn yàtọ̀. Máàpù OpenStreetMap ò lè jẹ́rìí ààlà ilẹ̀. Sọ̀féyọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé yín ni kẹ́ ẹ padà lọ bá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ Ìdànrè, torí ibẹ̀ làwọn ìpín tó ń padà pọ̀ sí. Àpáta tó hàn sókè máa ń dà bí òrùlé lójú sátẹ́láìtì, àwọn kan á sì ya ilé lé e lórí. Òjìji ni kẹ́ ẹ wò. Òjìji ilé gún, ó sì máa ń ṣubú sápá kan náà pẹ̀lú ti ilé yòókù nínú àwòrán ọ̀hún. Ti àpáta a máa rí wúruwùru, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní òjìji rárá. Ní ìdàkejì, páànù tó ti dípẹtà máa ń jọ ilẹ̀ pupa, wọ́n á fo ilé gidi kọjá. Òjìji yẹn náà ló máa tú u fó.

Bùrọ̀dá Kọ́lá: Àwọn ilé alájà lágbègbè Ọjà Ọba ńkọ́? Gbogbo wọn ló máa ń dà bí èyí tó yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Olùyẹ̀wò: Ìyẹn ò yẹ̀, Bùrọ̀dá, sátẹ́láìtì ló wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ni òrùlé fi dà bí èyí tó fì. Ẹ ya ìrísí òrùlé, kẹ́ ẹ wá sún un wá síbi tí ògiri ti kan ilẹ̀. Fún ilé onílẹ̀ kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan.

Àǹtí Dúpẹ́: Ọmọ Ìjọkà, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ dáadáa. Ẹ̀sùn kejì ò sí nínú iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́. Àtúnṣe rẹ ló bí i. Ẹni tí wọ́n bá sọ igun fún, igun nìkan ni kó tún ṣe. Kó má yí àwòrán padà lójú iṣẹ́.

Mú bébà kan. Ìpín tí wọ́n bá dá padà, ṣí ìtàn rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kó o wá kọ ìgbà tí àṣìṣe náà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kó o tó ya ilé àkọ́kọ́, nígbà tó ò ń yà á, tàbí nígbà tó o fẹ́ fi ránṣẹ́. Àwòrán tó yẹ̀ wà ní ti àkọ́kọ́. Igun wíwọ́, àti ilé méjì tí a so pọ̀ di ọ̀kan, wà ní ti kejì. Ilé tí a gbàgbé wà ní ti kẹta, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o máa lọ láti igun kan ìpín dé èkejì, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí ẹni ń gbálẹ̀. Tó bá tó bíi mẹ́wàá, wàá rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lé ọ kiri. Ọ̀kan yẹn nìkan ni kó o máa yẹ̀ wò kó o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá to nǹkan bí ogún kalẹ̀ láti yẹ̀ wò, kì í yẹ ìkankan wò.

Ẹ̀gbọ́n Olùyẹ̀wò: Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwa olùyẹ̀wò náà jẹ̀bi. «Jọ̀ọ́ tún un ṣe» kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó yẹ ká kọ ọ́ báyìí: «Ilé 9 nínú 62 ni igun wọn wọ́, apá àríwá ni gbogbo wọn wà, tẹ `Q` sí wọn, má fọwọ́ kan ìyókù.» Ká ní èmi ni, mi ò tiẹ̀ ní dá a padà nítorí 9. Màá tún un ṣe fúnra mi, màá sì gbà á wọlé.

Àǹtí Dúpẹ́: Ibẹ̀ ni mi ò bá yín lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé 9 mìíràn ló máa wọ́, torí ẹni tó yà á ò mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Olùyẹ̀wò: Mo lè tún un ṣe, kí n sì kọ̀wé sí i.

Àǹtí Dúpẹ́: Ẹ máa ń kọ ọ́ lóòótọ́? 😄

Ọmọ Ìjọkà: Mo ti ń sún wọn, mà, ó ti ku bí ogún. Wákàtí méjì tí wọ́n fi ti ìpín mọ́ mi lọ́wọ́ ti fẹ́ pé. Ṣé kí n tẹ `Yes` ná síbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ìpín náà ti parí, kí n padà wá parí rẹ̀ lọ́la?

Àǹtí Dúpẹ́: Rárá o! Bó o bá tẹ `Yes`, olùyẹ̀wò á mú un, á sì padà lẹ́ẹ̀kẹta. Fi èyí tó o ti ṣe ránṣẹ́ nínú iD, tẹ `No`, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá ìlà oòrùn ló kù àti pé Bing lò ń lò. Bí ẹlòmíràn bá mú un kó o tó padà, yóò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.