Báńkì dá ṣẹ́ẹ̀kì oníbàárà mi padà ní Houston, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo se oúnjẹ ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún fún bàbá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, àsun, gbogbo rẹ̀ jẹ́ $1,850. Ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n fi san owó náà. Mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ sínú àkáǹtì mi ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo owó náà ti hàn lábẹ́ "Available", mo sì fi san owó ilé. Àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ tí báńkì yọ $1,850 padà, tí wọ́n tún yọ $12 lé e. Àkáǹtì mi ti wọ gbèsè báyìí. "NSF" ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà wọn. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó tí wọ́n ti fún mi? Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìbàdàn, Peckham
Àǹtí, ẹ má gbà fún wọn o. Tí ẹ bá fi ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ti parí, owó ti di tiyín nìyẹn. Báńkì ò lè mú un padà mọ́, àfi tí ẹ bá lọ́wọ́ nínú jìbìtì. Bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ẹ kọ̀wé fẹ̀sùn kàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Àbúrò, òótọ́ ni ohun tó o sọ, àmọ́ lọ́dọ̀ yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti bíi ọdún 2018 tí wọ́n ti ń fi àwòrán ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ láàárín àwọn báńkì yín, ilẹ̀ kì í tún ṣú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó mọ̀ bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ti ń jìn sí kòtò.

Mo ti bá ẹ̀ka tó ń rí sí ṣẹ́ẹ̀kì ṣiṣẹ́ fọ́dún pípẹ́ ní báńkì kan níbí. Ìyá Ìbejì, "Available" tí ẹ rí yẹn kò túmọ̀ sí pé báńkì bàbá yẹn ti san owó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ní kí báńkì yín jẹ́ kí ẹ máa ná owó ṣẹ́ẹ̀kì lásìkò kan pàtó. Fún ṣẹ́ẹ̀kì gbogbogbòò, $275 àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìyókù lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì. Wọ́n lè dá owó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá pọ̀ gan-an, tàbí bí àkáǹtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó dà bí ẹni pé báńkì yín yá yín lówó náà kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì lówó.

Báńkì bàbá yẹn, ní tiwọn, ní títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ṣẹ́ẹ̀kì dé ọ̀dọ̀ wọn láti kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n kọ̀ á wá rin ìrìn àjò padà sọ́dọ̀ báńkì yín. Ìdí nìyẹn tí owó fi hàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n sì fi yọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ tètè fi owó díẹ̀ sínú àkáǹtì náà kí gbèsè yẹn má baà bí owó ìtanràn mìíràn.

Ìyá Ìbejì, Houston
Háà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. NSF yẹn, ṣé ó túmọ̀ sí pé olè ni bàbá náà?

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Rárá o. Owó tó wà lákáǹtì kò tó nígbà tí ṣẹ́ẹ̀kì dé ni. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù wọn kò tíì wọlé, tàbí pé àwọn náà gbẹ́kẹ̀ lé ṣẹ́ẹ̀kì ẹlòmíràn. Ká ní wọ́n kọ pé àkáǹtì ti pa, tàbí pé ẹni tó kọ ọ́ ní kí wọ́n má san án, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n kọ "Refer to Maker" sí ni kò fi ohunkóhun hàn. Ẹni tó kọ ọ́ ni ẹ máa lọ bi léèrè.

Yétúndé, Manchester
Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ wa! A kọ ṣẹ́ẹ̀kì £600 fún ẹni tó yá wa ní gbọ̀ngàn, wọ́n dá a padà pé ìfọwọ́sí kò bára mu. Owó kún inú àkáǹtì wa fọ́fọ́. Báńkì kàn fẹ́ dààmú wa ni. Àǹtí, ẹ tún fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó máa wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Yétúndé, ta ló fọwọ́ sí i?

Yétúndé, Manchester
Akápò wa tuntun àti ààrẹ. Oṣù kẹta la yan akápò náà.

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Ṣé ẹ ti mú orúkọ rẹ̀ lọ sí báńkì, tí wọ́n sì ti yọ orúkọ akápò àtijọ́?

Yétúndé, Manchester
Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó ní òun máa fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tí ẹ dìbò yàn ní ìpàdé, báńkì kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wà nínú ìwé àṣẹ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ tilẹ̀ fi ṣẹ́ẹ̀kì yẹn sílẹ̀ nígbà mẹ́wàá, wọ́n á dá a padà nígbà mẹ́wàá. Ẹ parí fọ́ọ̀mù, ẹ dúró kí báńkì fún yín lésì pé àwọn ti yí i padà, kí ẹ tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì tuntun. Bí onígbọ̀ngàn bá ń kánjú, kí ààrẹ àti ẹni àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fọwọ́ sí òmíràn lónìí.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ni kò sẹ́ni tó ń fojú wo ìfọwọ́sí wọn rárá, ẹ̀rọ ló ń kà wọ́n. Torí náà, tí wọ́n bá dá ṣẹ́ẹ̀kì padà fún yín ní Amẹ́ríkà nítorí ìfọwọ́sí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ó ṣeé ṣe kí oníṣẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀ ti sọ fún báńkì pé òun kọ́ lòún kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan jí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ni. Irú èyí kì í ṣe ohun tí à ń tún fi sílẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ni ín lórí nọ́mbà tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀.

NSF nìkan ni títún un fi sílẹ̀ lè ràn lọ́wọ́, ìyẹn tí owó bá ti wọlé fún ẹni náà. Ìyá Ìbejì, ẹ bi báńkì yín bóyá àwọn fúnra wọn ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, torí àwọn báńkì kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì tún fi fóònù ya ṣẹ́ẹ̀kì tó wà nílé yín. Ẹ ti ya á lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á sọ pé ẹ ń fi ohun kan náà gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo inú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́, bóyá ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ èyí sí:

"This is a legal copy of your check. You can use it the same way you would use the original check."

Òun ni ìwé tó dúró fún ṣẹ́ẹ̀kì báyìí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Alhaji Maryland
Kí la ń rojọ́ fún? Ní Nàìjíríà òfin ti wà láti 1977, ẹni tó bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ẹ pe ọlọ́pàá fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa mú un, kíá ni owó máa jáde.

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyá ìbejì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù. Fífi ọlọ́pàá dẹ́rù ba èèyàn kó lè sanwó lè di ẹ̀sùn lọ́rùn ẹni tó sọ ọ́. Òfin ṣẹ́ẹ̀kì wà ní Texas lóòótọ́, ó sì ní ìlànà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀kì náà sílẹ̀, wọ́n sì kọ̀ ọ́, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó kọ lẹ́tà sí ẹni náà, ẹ ó fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á fi fọwọ́ sí i pé àwọn rí i gbà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni lẹ́tà náà máa fún un láti san gbogbo owó. Bí kò bá san án, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba kaúńtì. Tí ẹ bá ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé owó kò sí níbẹ̀, tí ẹ gbà láti dúró di ọjọ́ báyìí-báyìí, ẹ̀sùn ọ̀daràn kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kóòtù kékeré ló rọrùn jù. Kóòtù adájọ́ àlàáfíà ní Texas ń gbọ́ ẹjọ́ owó tó tó $20,000, ẹ ò sì nílò lọ́yà. Àmọ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe bàbá náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀kì lọ sí báńkì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín dání, ẹ bi wọ́n bóyá owó ti wà níbẹ̀ tó lè gbé e. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló máa dáhùn, àmọ́ òmíràn á sọ fún yín.

Alhaji Maryland
Mo gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tó jẹun tán tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo, ojú olè ni mo fi ń wò ó.

Ìyá Ìbejì, Houston
Mo ti padà dé o. Mo dé báńkì wọn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní kò tíì lè gbé e. Mo pe bàbá náà, wọ́n bẹ̀bẹ̀ gan-an, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ wọn ló pẹ́ san owó oṣù. Wọ́n fẹ́ kọ ṣẹ́ẹ̀kì mìíràn, mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n ra mọ́nì ọ́dà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹyọ kan kò lè ju $1,000 lọ, torí náà wọ́n ra ti $1,000 lánàá, mo sì gbà á lówó ní pósìtọ́fíìsì níbẹ̀ kí n tó kúrò. Ó ku $850. Wọ́n ní kí n dá ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ padà fún àwọn.

Ẹ̀gbọ́n Dallas
Ẹ má dá a padà títí $850 fi máa pé. Ẹ kọ rìsíìtì fún wọn pé ẹ ti gba $1,000 lára $1,850, kí àwọn náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ má sì gbé ẹ̀dà yẹn lọ sí báńkì mọ́, torí $1,850 ló wà lára rẹ̀, gbèsè náà kò sì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ bèèrè $12 yín pẹ̀lú. Òfin Texas gbà kí ẹni tí ṣẹ́ẹ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba owó iṣẹ́ tí kò ju $30 lọ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston
Mo bèèrè. Wọ́n ní báńkì ló yọ ọ́, pé kí n lọ bá báńkì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pàdé ní ọjọ́ Ẹtì tí owó oṣù bá wọlé.

Yétúndé, Manchester
Akọ̀wé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé fọ́ọ̀mù ti sọnù. Ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè gba òmíràn lórí áàpù, àbí àfi ká lọ sí báńkì?

Ọmọ Ìbàdàn, Peckham
Pè wọ́n lórí fóònù kọ́kọ́, Yétúndé. Ti ẹgbẹ́ tiwa, wọ́n ní kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì wá fúnra wọn, àtàwọn tó ń bọ̀ àtàwọn tó ń lọ.