Ìròyìn owó ojú ewé 84 tó fẹ́ di ojú ewé kan: kí lẹ máa ń fi síbẹ̀?

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ gàrí kan ló wà lọ́wọ́ mi. Ìpàdé máa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ará Èkó bá wálé. Àwọn oníṣíà wa kì í kà á: wọ́n á ṣí i, wọ́n á wá ibi tí difidẹ́ńdì wà, wọ́n á pa á dé. Alága ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan, kí n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé èrè fi 67% gòkè. Irọ́ kọ́. Mílíọ̀nù 36 náírà ni èrè lẹ́yìn owó orí ní 2023, ó di mílíọ̀nù 60 ní 2024. Owó ọjà tá a tà kúrò ní mílíọ̀nù 480, ó di 600. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ mú?

Ọmọ Ṣágámù
Èrè, owó tó wà ní báńkì, difidẹ́ńdì. Mẹ́ta péré. Bí owó báńkì bá ti pọ̀ ju ti èṣí lọ, ara ilé-iṣẹ́ le nìyẹn.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Ẹ fara balẹ̀ ná. Akọ̀wé, kẹ́ ẹ tó kọ 67%, ẹ lọ sí àwọn àlàyé tó wà lẹ́yìn àtẹ èrè, ibi tí wọ́n ti tú "owó mìíràn tó wọlé" sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ilé-iṣẹ́ ta nǹkan tí kì í ṣe gàrí lọ́dún náà? Ṣé wọ́n sì ta ṣíà tuntun?

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ilẹ̀ kan lọ́nà Ṣágámù, mílíọ̀nù 45. Èrè orí rẹ̀ lẹ́yìn owó orí jẹ́ 30. Ṣíà tuntun náà wà: mílíọ̀nù 20 ṣíà ní náírà kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Yọ 30 ilẹ̀ kúrò nínú 60, ó ku 30 tí gàrí mú wá. Èṣí, gàrí mú 36 wá. Òwò gan-an fi bí 17% lọ sílẹ̀, a ò sì lè ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá pín in kan ṣíà. Èṣí, kọ́bọ̀ 36. Lọ́dún yìí, 60 lórí 120 jẹ́ kọ́bọ̀ 50, ṣùgbọ́n láìka ilẹ̀, kọ́bọ̀ 25 ni. Oníṣíà tó ń sáré kàwé ò ní mílíọ̀nù kankan ní ilé-iṣẹ́ yín, ṣíà ló ní. Nítorí náà kọ́bọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ kọ gàdàgbà, kí méjèèjì wà lórí ìlà kan náà: "50, nínú èyí tí 25 ti ara ilẹ̀ wá." Bẹ́ ẹ bá fi 50 nìkan sókè, tẹ́ ẹ fi ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́, ẹ ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ìkìlọ̀ kékeré kan: oṣù kìíní lẹ ta ṣíà yẹn, ló jẹ́ ká lè fi 120 pín in tààrà. Ká ní oṣù keje ni, ìdajì ọdún péré ni ṣíà tuntun bá fi ṣiṣẹ́, 110 ni wọn ì bá fi pín in. Bí iye tẹ́ ẹ ṣírò kò bá bá èyí tí ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí mu, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọmọ Ṣágámù
Owó báńkì ńkọ́? Ẹ ò dáhùn ìyẹn.

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
20 ló wà níbẹ̀ nípàrí 2023, 75 nípàrí 2024.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Ẹ jẹ́ ká tọ ipa owó náà. Ogún ló wà nílẹ̀, ilẹ̀ mú 45 wá, ṣíà tuntun mú 20, ẹ san 18 fún difidẹ́ńdì èṣí. Ìyẹn di 67. Kó tó pé 75, mílíọ̀nù 8 péré ló ti ara òwò wọlé! Gàrí pa èrè 30, ṣùgbọ́n 8 ló tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé àwìn ló gbé ìyókù.

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Gbèsè ọwọ́ àwọn oníbàárà kúrò ní 50, ó di 84.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Ẹ ò rí i. Ẹ má kọ owó báńkì sí ojú ewé yẹn rárá, "owó tó ti ara òwò wọlé" ni kẹ́ ẹ kọ. Inú àtẹ tó tọpa owó ló wà, ní apá kìíní. Ẹ fi difidẹ́ńdì tẹ́ ẹ fẹ́ dá lábàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èló ni?

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Kọ́bọ̀ 25 kan ṣíà. Mílíọ̀nù 30 lápapọ̀.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
30 jáde, 8 wọlé. Kò sí àlàyé tẹ́ ẹ tún fẹ́ ṣe. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníṣíà á bi alága fúnra rẹ̀.

Màmá Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Difidẹ́ńdì tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ti bàbá àwọn ọmọ mi tó ti dolóògbé ò wọlé láti ọjọ́ pípẹ́. 2,000 ni ṣíà wọn. Ta ni kí n rí?

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ìrójú, Màmá. Ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ra ṣíà náà lẹ máa lọ. Ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ogún ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù tí owó á fi máa wọ báńkì tààrà.

Ọ̀rọ̀ Màmá ti jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni tó ní 2,000 ṣíà yóò gba 450 náírà." 500 ni, ìjọba á yọ 10%.

Ayàwòrán, Ìjẹ̀bú-Igbó
Àwòrán ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá máa fi ọ̀pá ya owó ọjà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 400, ọ̀pá 600 á ga ju ti 480 lọ ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé 25% péré ló fi jù ú lọ. Kọ̀ǹpútà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà míì, ẹ ṣọ́ ọ.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Ó ṣeun. Àkópọ̀ ọdún márùn-ún tó wà lẹ́yìn ìròyìn ni kẹ́ ẹ ti mú ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà 2023 inú ìwé ọdún yìí wé ìwé 2023 fúnra rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, wọ́n ti tún un ṣe, ìdí rẹ̀ á sì wà nínú àwọn àlàyé. Owó ọjà 25% yẹn náà ò tíì dá mi lójú: NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀wọ́ngógó wà ní 34.80% ní oṣù kejìlá 2024. 600 yẹn ò lè ra ohun tí 480 èṣí rà.

Ìyá Onígàrí, Àgọ́-Ìwòyè
Mi ò gbà. Iye gàrí kì í bá iye epo mọ́tò rìn. Tọ́ọ̀nù mélòó lẹ tà? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ.

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
1,200 ní 2023, 1,100 ní 2024.

Ìyá Onígàrí, Àgọ́-Ìwòyè
Ó dín kù nìyẹn. Ìwọ̀n la fi ń mọ ọjà, ẹ fi ti NBS sílẹ̀.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Ọ́dítọ̀ ò yẹ tọ́ọ̀nù wò. Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ìwé ilé-iṣẹ́ ló ti wá. Èmi ṣì máa fi ti NBS síbẹ̀ ní tèmi, kí ẹni tó bá máa ṣe ti 2025 sì rántí pé wọ́n ti yí ìpìlẹ̀ ìṣirò padà: 24.48% ni wọ́n kéde fún oṣù kìíní 2025, kì í ṣe pé ọjà já wálẹ̀ lóṣù kan.

Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde
Tọ́ọ̀nù ni mo máa mú. Ó ku alága. Ó ṣì ní 67% ni òun fẹ́ rí lókè.

Ọmọ Ṣágámù
Ẹ fi síbẹ̀, kí kọ́bọ̀ 25 láìka ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Oníṣirò, Ìpẹ́ru
Lẹ́tà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bí kò bá gbà, kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ojú ewé yẹn, kí tiyín má sí níbẹ̀.