Ṣé kò burú kí n béèrè àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èsì yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ olùṣírò owó ni. Ọjọ́, aago àti pé ìgbìmọ̀ ló máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nìkan ló wà nínú lẹ́tà ìpè náà.

“Ẹ ṣeun fún ìpè yín. Màá wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí n lè múra dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo ló máa wà níbẹ̀, kí sì ni ipò wọn? Ṣé ìbéèrè nìkan ni, àbí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà máa wà?”

Mo fi “màá wà níbẹ̀” ṣáájú kí wọ́n má baà rò pé mò ń ṣiyèméjì. Ipò wọn ló jẹ mí lógún jù: bí ọ̀gá ìṣirò owó bá wà níbẹ̀, ó lè ní kí n ṣàlàyé bí ìwé báńkì àti ìwé owó ilé iṣẹ́ ṣe ń bára mu, ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ kò ní béèrè ìyẹn.

Ṣé kí n yọ ìbéèrè orúkọ kúrò pátápátá, torí àwọn ọ́fíìsì kan máa ń fi orúkọ pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn? Bí wọn kò bá sì fèsì títí ó fi ku ọjọ́ méjì, ṣé kí n pè wọ́n ni?