Oníbàárà kan, ọ́dà méjì: kí ni kí n ṣe?

Alápúpurù Ìjàpọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Púpurù àti ẹja gbígbẹ ni mo ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti Àkúrẹ́ níbí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, oníbàárà á tẹ "Sanwó", kò ní rí nǹkan kan, á tún un tẹ̀. Lánàá, ẹnì kan ní Ọ̀rẹ̀ ra báàgì púpurù kan, ọ́dà méjì ló wọlé, aago 8:14 àti 8:15, ₦6,500 kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń bá mi kọ kóòdù ti jẹ́ kí bọ́tìnnì náà kú lẹ́yìn títẹ̀ àkọ́kọ́, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Bọ̀dá Ọjà Ọba: Ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà fóònù kan náà ti ra ọjà kan náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá rí i, kó má gba èkejì.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà o! Wọ́n yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì nídìí POS, mi ò tíì rí i gbà títí di òní. Ta ni kí n lọ bá?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé: Ìyá Ìbejì, bánkì yín ni kí ẹ mú rísíìtì lọ bá, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí èyí.

Bọ̀dá, ohun tí ẹ sọ dára díẹ̀, àmọ́ tí ìbéèrè méjèèjì bá dé sáfà pọ̀, àwọn méjèèjì á wò, wọn ò ní rí nǹkan kan, àwọn méjèèjì á sì wọlé. Ẹni tó sì fẹ́ ra òmíràn fún àbúrò rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?

Alápúpurù, bí bọ́tìnnì ṣe kú yẹn kò kan ẹni tó tún ojú ewé ṣí. Kí sáfà fún apẹ̀rẹ̀ ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kó fi pamọ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ náà, kí títún ojú ewé ṣí má bàa yí i padà. Nọ́ńbà yẹn ni kó bá gbogbo títẹ̀ lọ. Kó fi òpó checkout_key kún tábìlì orders, kó máa kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan. Kí dátábéèsì fúnra rẹ̀ wá kọ̀ láti gba méjì:

```sql
ALTER TABLE orders ADD UNIQUE (checkout_key);
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: tí dátábéèsì bá kọ èkejì, ẹ má fi àṣìṣe han oníbàárà, nítorí á tún tẹ̀ ẹ́ ni. Kí kóòdù lọ gbé ọ́dà àkọ́kọ́ jáde, kó fi hàn án bíi pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn tó bá sanwó tán, kí apẹ̀rẹ̀ tuntun gba nọ́ńbà tuntun.

Alápúpurù Ìjàpọ̀: Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí káàdì bá wá kọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé: Ọ́dà kan náà ni, àmọ́ ìsanwó tuntun. Kí sáfà kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó fún yín bóyá ti àkọ́kọ́ kùnà lóòótọ́. Àìrí èsì kì í ṣe pé owó kò wọlé.

Bọ̀dá Ọjà Ọba: Ó yé mi. Ṣùgbọ́n tí ìyàwó àti ọkọ bá fi fóònù méjì ra ohun kan náà láìmọ̀?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé: Apẹ̀rẹ̀ méjì nìyẹn, nọ́ńbà méjì. Kò sí kóòdù tó lè mọ̀ ọ́n, ẹ fi ìpè béèrè kí ẹ tó dì í.